Owó oníbàárà wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́: ṣé a lè lé e láìsí nótíìsì?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ní Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta níbí. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé ọjà fún mi ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, ₦90,000 ni mo ń san fún un lóṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé oníbàárà méjì san owó ọjà sínú àkáǹtì tirẹ̀ dípò ti ṣọ́ọ̀bù, ₦96,000 àti ₦144,000. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lé e lónìí láìsí nótíìsì, kí n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Ṣé òfin gbà mí láyè? Bó bá gbé mi lọ sí kóòtù ńkọ́, kí ni mo máa fi hàn?"

Ìdáhùn:

Bí ohun tí ẹ rí yìí bá ṣì dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, òfin gbà yín láyè láti lé e láìsí nótíìsì. Òfin kò gbà yín láyè láti ṣe é lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà yín láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé owó tó ti ṣiṣẹ́ fún. Agbanisíṣẹ́ tó pọ̀ ni ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì pàdánù ní kóòtù. Kì í ṣe torí pé òṣìṣẹ́ náà kò ṣẹ̀; ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sínú létà ló tóbi ju ẹ̀rí ọwọ́ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka 11 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1971 sọ iye nótíìsì tó kéré jù tó tọ́ sí òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan ni. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Nótíìsì tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan sókè, kíkọ sílẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ti ọmọ yìí, àfi bí létà tí ẹ fi gbà á síṣẹ́ bá fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ọjà àti ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni òfin yìí ń tọ́jú. Máníjà àti irú ẹni tó ń ṣàkóso kò sí lábẹ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú létà ìgbaniṣíṣẹ́ tiwọn ni a ó wò.

Ẹ̀ka kan náà ló tún sọ pé nótíìsì yìí kò pa ẹ̀tọ́ àtijọ́ rẹ́, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti fòpin sí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí ẹnì kejì bá hu ìwà tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ àtijọ́ yìí ni ẹ fẹ́ lò. Òfin kò to ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́sẹẹsẹ fún wa. Nínú ẹjọ́ Àjàyí àti ilé-iṣẹ́ Texaco ní 1987, Kóòtù Gíga Jùlọ sọ pé kò sí òfin kan tó fi ìwọ̀n sí bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ó ti tó bí ìwà náà bá wúwo débi pé ó ba ìfọkàntán tó yẹ kó wà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà fi lè tóbi fún ẹnì kan kó má tóbi fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń gbá ṣọ́ọ̀bù tó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ti ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ṣọ́ òru tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kó irin jáde ti fọ́ iṣẹ́ náà.

Lójú kóòtù, jìbìtì, ayédèrú ìwé, fífi ọjà ọ̀gá ṣòwò ara ẹni, ìjà tó fa ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́, mímọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣẹ tó tọ́, gbogbo irú wọn lè tó ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́, àìmọ̀ọ́ṣe, ọ̀rọ̀ gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, àṣìrò owó lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sábà tó o, àyàfi bí létà ìkìlọ̀ bá ti wà nílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà kò sì yí padà. Kíkọ tí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ṣọ́ọ̀bù pé "ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni pípẹ́" kò sọ ọ́ di ńlá fúnra rẹ̀. Owó ọ̀gá tó wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tó ń gba owó fún yín ni ọmọ yìí jẹ́ lójú oníbàárà, òun ló dúró sí ipò yín nígbà tó gba owó. Bí ìfọkàntán bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa jókòó nílé kí ó máa bá yín tajà.

Ọ̀rọ̀ ku ẹ̀rí. Òṣìṣẹ́ tó bá pe ọ̀gá lẹ́jọ́ ló kọ́kọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe ní kóòtù. Ó gbọ́dọ̀ mú létà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ wá, kó sì fi hàn ibi tí ẹ ti rú u. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti sọ ìdí tó fi lé e, ọ̀gá ni yóò fi ẹ̀rí gbe ìdí náà lẹ́sẹ̀. Kóòtù Gíga Jùlọ ti tẹnu mọ́ èyí, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ epo Shell àti Ọláńrewájú ní 2008 fún àpẹẹrẹ. Ìdí tí ẹ bá kọ náà ni wọn yóò fi dá yín lẹ́jọ́. Ẹ kò lè kọ "olè" sínú létà lónìí, kí ẹ dé kóòtù kí ẹ máa sọ pé ó tún máa ń pẹ́.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín máa kó yín sí wàhálà nìyí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "o jí ₦240,000", ẹ ti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án. Ẹ̀ka 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì sọ pé níbi tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá ti jẹ́ kókó ẹjọ́, kódà bí kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹni tó fi ẹ̀sùn kanni gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn débi pé kò ní ku iyèméjì kankan tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ ó ní láti fi hàn pé ó gba owó náà, pé kò fún yín, àti pé ó ní in lọ́kàn láti fi ṣe tirẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn kì í hàn nínú rìsíìtì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá jẹ́ pé "ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o ní kí oníbàárà san owó ọjà sínú àkáǹtì tìrẹ, èyí tó lòdì sí òfin ṣọ́ọ̀bù, o kò sì jábọ̀ rẹ̀ títí tí a fi rí i", ohun tí ẹ máa fi hàn ti dín kù. Ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ àkáǹtì, ọ̀rọ̀ àìjábọ̀ ni. Ìwé máa ń sọ ìyẹn. Kóòtù yóò wo ti ta ló ṣeé gbà gbọ́ jù, wọn kò ní béèrè ẹ̀rí tí kò kù síbì kan. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí sì tó ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fún ẹni tó ń gba owó. Kì í ṣe pé ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ṣe àrékérekè o. Bí gbogbo ohun tí ẹ ń sọ bá jẹ́ olè ní inú rẹ̀, yíyí orúkọ rẹ̀ padà kò ní tan adájọ́ jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ fẹ̀sùn kan ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ fi ohun tí ẹ ń fura sí sílẹ̀.

Ẹ wá bèèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá òfin yẹn wà. Ṣé ó wà nínú létà tí ẹ fi gbà á, tàbí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, tàbí ó buwọ́ lu ìwé kan? Bí kò bá sí níbì kankan, gbogbo ènìyàn ṣì mọ̀ pé owó ọ̀gá kì í ṣe owó òṣìṣẹ́, òfin sì gbà pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe òótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ẹ kò ní pàdánù nítorí ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín máa le sí i, torí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ó burú.

Ìwé mẹ́rin ni kí ẹ kó jọ fún owó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá. Èkíní ni ẹ̀dà ìwé ọjà tó kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Èkejì ni ìwé tí dírẹ́bà fi kó ọjà jáde, kó lè hàn pé báàgì sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò lóòótọ́. Ẹ̀kẹta ni rìsíìtì tíránsífà láti ọwọ́ oníbàárà, tó fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn. Ẹ̀kẹrin ni àkọsílẹ̀ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù láti báńkì àti ìwé káàṣì yín, láti ọjọ́ tí oníbàárà sanwó títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin yìí ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń fò dá, òun sì ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ṣí ìwé káàṣì sí ọjọ́ tí ₦96,000 yẹn wọlé, kí ẹ wo ọjọ́ kejì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí i pé káàṣì ₦96,000 wọlé lábẹ́ nọ́ńbà ìwé ọjà kan náà, ẹ̀sùn yín ti yí padà pátápátá. Ó gbà á sí àkáǹtì rẹ̀, ó sì fún yín. Ó rú òfin ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò gbé owó pa mọ́. Ìkìlọ̀ ló tọ́ sí irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lójú tèmi, kì í ṣe ìlédànù. Bí ìwé káàṣì bá ṣófo fún owó méjèèjì, tí ìwé báńkì náà sì ṣófo, ẹ̀sùn yín ti ní egungun.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi oníbàárà méjèèjì léèrè ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì. Orúkọ rẹ̀ lórí rìsíìtì kò fi hàn pé òun ló ní kí wọ́n san án síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti rà nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kí nọ́ńbà ọmọ náà sì ti wà lórí fóònù oníbàárà yẹn. Bó bá jẹ́ Wáàsáàpù ni ọmọ náà fi ránṣẹ́, ẹ ní kí oníbàárà má pa á rẹ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíkọ, kó buwọ́ lù ú, kó fi ọjọ́ sí i. Ohun tí a bá tẹ̀ jáde láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, títí kan fídíò kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ka 84 nínú Òfin Ẹ̀rí béèrè ìwé ìjẹ́rìí kan lé e lórí. Ẹni tó ń ṣe àmójútó ẹ̀rọ náà ni yóò buwọ́ lu ìwé yìí, yóò sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Láìsí i, adájọ́ lè ju ẹ̀rí tó dára jù tí ẹ ní sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gba fóònù ọmọ náà wò fúnra yín o. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì tirẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ẹ máa lọ bẹ òṣìṣẹ́ báńkì tí ẹ mọ̀ kí ó tẹ̀ fún yín. Kóòtù ló lè pàṣẹ ìyẹn.

Ìgbà tí ìwé bá ti pé ni kúẹ́rì kàn. Bí kúẹ́rì yín ṣe rí ṣe pàtàkì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́ bí ìdájọ́: "Ṣàlàyé ìdí tí o fi jí owó mi." Ẹni tó kọ ìyẹn ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́, létà yẹn ni wọn yóò sì kọ́kọ́ fi han adájọ́. Ẹ lè kọ tiyín báyìí:

"Ìwé ọjà nọ́ńbà 0412, ₦96,000, àti nọ́ńbà 0437, ₦144,000, ni o kọ fún oníbàárà méjì. Rìsíìtì tí wọ́n mú wá fi hàn pé àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ ni wọ́n san owó náà sí. A kò rí owó méjèèjì nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ìwé káàṣì. Òfin ṣọ́ọ̀bù tí o buwọ́ lù sọ pé àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kí oníbàárà san owó sí. Ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí wà pẹ̀lú kúẹ́rì yìí. Jọ̀wọ́ fèsì ní kíkọ láàárín wákàtí 48. Ọ̀ràn yìí lè mú kí a lé ọ lẹ́nu iṣẹ́."

Nọ́ńbà ìwé ọjà tí mo lò, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kù ni nọ́ńbà, iye owó, ẹ̀dà ẹ̀rí, àkókò tó tó láti fèsì, àti gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé òun gbà á. Bó bá kọ̀, kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún un, ó kọ̀, kí ó sì fi ọjọ́ àti aago sí i. Kóòtù Gíga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Imonikhe àti Báńkì Unity ní 2011 pé kúẹ́rì tí òṣìṣẹ́ láyè láti fèsì sí kí ọ̀gá tó pinnu ti tó láti jẹ́ ìgbẹ́jọ́ tó tọ́. Kò pọn dandan kí ẹ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé òfin ṣọ́ọ̀bù tiyín bá ti ṣèlérí ìgbìmọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é. Lójú tèmi, ó dára kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín tó ti bínú jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń ka èsì.

Kí ni ọmọ náà lè fi fèsì? Ó lè sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ṣọ́ọ̀bù kò dára lọ́jọ́ náà, òun gbà á sí tòun, òun sì fún ẹni tó ń ṣèkejì yín ní káàṣì. Ẹ lọ bi ẹni yẹn léèrè ní kíkọ kí ẹ tó pinnu. Ó lè sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ rí pé, "Gbà á sí tìẹ, kí o fún mi ní káàṣì." Ẹ rántí dáadáa kí ẹ tó bínú, torí àwa tó ń tajà máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí báńkì bá dákú. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ti fún un láyè, òfin ara ògiri kò ní lágbára mọ́. Bákan náà ni bí ọmọ mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù bá ń ṣe é tí ẹ kò sì sọ nǹkan kan: lọ́yà rẹ̀ yóò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ lé. Ó sì tún lè jẹ́ pé kò ní fèsì kankan, kí ó máa sunkún. Àìfèsì kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ìwé yín ni yóò dúró fún yín níbẹ̀.

Nípa ìjẹ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti í mọ́ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì títí di òru pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà, kó lè buwọ́ lu ìwé. Ẹ má ní kó búra lójú ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ẹ̀rù bá mú kí ènìyàn buwọ́ lù kò wúlò, ó sì lè sọ yín di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ lè ní kó dúró sílé. Owó oṣù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró bí létà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ kò bá sọ pé ẹ lè dá a dúró láìsanwó. Fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn kò tó ohun tí ẹjọ́ máa ná yín.

Mo mọ̀ pé kó tó di ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ á ti dé, pẹ̀lú pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ẹlòmíràn á kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa sọ. Bí ẹ bá sọ pé "ó ti tán, mo ti dárí jì í", tí ó padà síṣẹ́, tí ẹ tún fi owó kún owó oṣù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kò lè padà wá lé e nítorí ₦240,000 yẹn mọ́. Kóòtù gbà pé ọ̀gá tó mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ kan tó sì fojú fò ó ti dárí jì í. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú rẹ̀, ó dára, àmọ́ ẹ kọ létà ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn, kí ó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú un kúrò nídìí owó gbígbà. Bí ẹ kò bá tíì pinnu, ẹ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú ìwé. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ láìpinnu, kóòtù lè ka ìyẹn náà sí ìdáríjì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹ kò nílò kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí kóòtù ọ̀daràn kí ẹ tó lé e. Ẹjọ́ Yusuf àti Báńkì Union ní 1996 àti ẹjọ́ Arinze àti Báńkì First ní 2004 ti yanjú ìyẹn ní Kóòtù Gíga Jùlọ: ọ̀gá tó gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ dáadáa lè lé e, bí ohun tó ṣe tilẹ̀ jọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Bí ẹ bá rò pé jìbìtì gidi ni, ẹ lè fi tó ọlọ́pàá létí lọ́tọ̀. Ẹ má lò wọ́n bí ẹni tó ń bá yín gba gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ní ẹ̀ka 32 pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán.

Bí èsì rẹ̀ kò bá tán ọ̀ràn, létà ìlédànù kò nílò gígùn. Kí ó tọ́ka sí kúẹ́rì àti ọjọ́ rẹ̀, kí ó sọ pé ẹ ti ka èsì rẹ̀, kí ó sọ ní ṣókí ìdí tí ẹ kò fi gbà á, kí ó sì tún ẹ̀sùn inú kúẹ́rì náà kọ, láìfi kún un. Bí ẹ bá fi nǹkan tuntun kún un níbẹ̀, bíi pé báàgì mẹ́wàá tún sọnù, ẹ ti lé e nítorí ohun tí kò ní àǹfààní láti fèsì sí. Ẹ fi ọjọ́ tí iṣẹ́ parí sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀nà kejì, torí ó máa ń wúlò fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ẹ lè fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí owó ọ̀sẹ̀ méjì dípò rẹ̀, kí iṣẹ́ sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí a bá fi ọjọ́ 30 pín ₦90,000, ọjọ́ 14 jẹ́ ₦42,000. Owó oṣù gangan ni òfin fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe àlàwáǹsì tàbí owó àṣekún. Kóòtù Ilé-iṣẹ́ Àpapọ̀, tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ti ń béèrè ìdí tó dájú lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kódà níbi tí wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ ní nótíìsì, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé yín síbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ ju ti létà tó pe ènìyàn ní olè láìsí ẹ̀rí. Bó bá ṣe èmi ni ẹ bi, tí ìwé káàṣì yín kò bá lójú, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbà.

Ẹ wá wo owó oṣù tí ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé. Ká ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù ni létà ìlédànù jáde. Ọjọ́ 18 ló ti ṣiṣẹ́, ₦54,000 sì ni, tirẹ̀ ni. Ìlédànù mú nótíìsì kúrò, kò mú owó iṣẹ́ tó ti ṣe kúrò. Ẹ̀ka 5 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ gbà kí ọ̀gá yọ owó fún àdánù tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kíkọ láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìyọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Ọ́fíìsì Mínísírì Ètò Òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ mú ìwé yín lọ. Bí ẹ kò bá gba ìyọ̀ǹda yìí, tí ẹ kàn yọ ₦54,000 náà, ó lè jẹ́ pé ẹ ó jàre lórí ìlédànù kí ẹ sì jẹ̀bi lórí owó oṣù nínú ẹjọ́ kan náà. ₦240,000 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè bá a kọ àdéhùn ìsanpadà, tàbí kí ẹ pè é lẹ́jọ́ fún un.

Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí sítétọ̀ọ̀sì Wáàsáàpù pẹ̀lú "ẹ ṣọ́ra fún obìnrin yìí". Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni ìyẹn ń pè wá, ẹ̀rí tó sì nira yẹn, ti olè, ni wọn yóò tún béèrè lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà mọ̀, ẹ kàn kọ ọ́ pé kò bá yín ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ báyìí, kí wọ́n sì san owó sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ìyẹn ti tó, òótọ́ sì ni.